Èésú, Àjọ àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Bantè àti Savalou: Ta Ni Ewu Rẹ̀ Ń Já Lé Lórí?

Ní Bantè àti Savalou, ní ìpínlẹ̀ Collines lórílẹ̀-èdè Benin, oṣù tí owó ń wọlé àti oṣù tí owó ń jáde kì í pàdé. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni kajú ń jábọ́, tí ọkọ̀ àwọn tó ń rà á ń lọ, tó ń bọ̀, lójú pópó tó ti Savalou gba Bantè lọ sí Bassila. Sóyà àti òwú ń di owó nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ẹ̀wẹ̀, oko ń béèrè owó alágbàro, ọdún iṣu tuntun tí Savalou ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ń béèrè tirẹ̀, ilé-ìwé sì ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá owó yá, àsìkò yìí náà sì ni àpò gbogbo ará ilé ń ṣófo.

Ọ̀nà tó yá jù láti rí owó nígbà náà ni ọ̀dọ̀ oníṣòwò kajú. Yóò san owó sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àgbẹ̀ yóò sì wọn kajú fún un nígbà ìkórè. Ká ní àgbẹ̀ kan gba 50,000 fáránkì sẹ́fà, tí wọ́n sì fẹnu kò pé 200 fáránkì ni kílò kan. Kílò 250 nìyẹn. Bí kílò bá wá ń lọ ní 300 nígbà ìkórè, kajú tó wọ̀n fún oníṣòwò náà ti tó 75,000. 25,000 fáránkì ti bá gbèsè náà lọ láàárín oṣù bíi méje, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dárúkọ èlé. Gbèsè yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé òun ni ẹni tí kò rí èésú dá sábà máa ń ṣubú sí, kì í sábà jẹ́ gbèsè bánkì.

Bánkì fúnra rẹ̀ jìnnà sí àgbẹ̀ Ìṣà tó wà ní Gouka tàbí Pira, ó sì jìnnà sí ará Ifẹ̀ tó wà ní Tchetti. Ohun ìdúró ni bánkì ń béèrè, ilẹ̀ sì ni ohun tí àgbẹ̀ ní. Òfin ilẹ̀ tí Benin ṣe ní ọdún 2013 fàyè gba kí ẹni tó jogún ilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó ìwé onílẹ̀ tó pé pérépéré tí bánkì fẹ́ rí, ilẹ̀ ẹbí kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá fi dúró. Ìrántí burúkú kan sì tún wà. Ní ọdún 1988 sí 1989, bánkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìjọba Benin ní ṣubú, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ síbẹ̀ sì há. Àwọn àgbàlagbà tó rí ìgbà náà ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn.

Àwọn ilé owó kéékèèké ló wà láàárín, irú bíi CLCAM tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2014, iye èlé tí ilé owó kékeré kò gbọdọ̀ kọjá ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ti bánkì jẹ́ ìdá 15. Ẹ jẹ́ ká fi ìdá 24 yẹn ṣe ìwọ̀n tí a ó fi wọn èésú.

Èésú ti pẹ́ láàárín Yorùbá. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé rẹ̀ bí àwọn ènìyàn ti ń dá a títí di òní: iye kan náà lọ́wọ́ oníkálukú, ní ọjọ́ kan náà, lábẹ́ olórí kan, kí ẹnì kan sì kó gbogbo rẹ̀ lọ títí yóò fi kárí. Àwọn tó ń sọ Faransé ní Benin ń pè é ní tọ́ntìnì. Ká mú ẹni 12 tí wọ́n ń dá 10,000 fáránkì lóṣooṣù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó yóò gba 120,000. Nínú rẹ̀, 10,000 jẹ́ tirẹ̀, nítorí náà 110,000 ni àwọn yòókù yá a. Yóò dá 10,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 11, kò sì ní san èlé kankan.

Bó bá jẹ́ pé ilé owó kékeré ló ti yá 110,000 náà ní ìdá 24 lọ́dún, tó sì ń dá 10,000 padà lóṣooṣù, èlé oṣù kìíní yóò jẹ́ 2,200, ti oṣù kejì 2,000, yóò sì máa fi igba-igba fáránkì dín títí yóò fi tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13,200 fáránkì. Owó ìwé, owó tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi pamọ́ kí wọ́n tó yá a, àti owó mọ́tò lọ-bọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Èrè ẹni àkọ́kọ́ nínú èésú nìyẹn: 13,200 kò jáde lápò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni kejìlá. Oṣù 11 ló fi dá owó fún àwọn ẹlòmíràn kó tó kan òun. Nígbà tó bá kó, 120,000 tó fi sílẹ̀ gan-an ni yóò gbà. Kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ló ń yá gbogbo ènìyàn lówó láìgba èlé, bí owó oúnjẹ bá sì gòkè láàárín ọdún, ohun tí 120,000 náà lè rà ti dín kù. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè bóyá èésú sàn ju ẹ̀yáwó lọ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ipò kelòó ló wà. Fún ẹni tó wà ní ipò kìíní sí ìkẹrin, ẹ̀yáwó tí kò lélé ni. Fún ẹni tó wà ní ìparí, ibi ìpamọ́ owó lásán ni. Ìyẹn náà dára fún ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má wọ inú rẹ̀ bíi pé ẹ̀yáwó ló fẹ́ gbà.

Ewu náà sì ń tẹ̀ lé ipò. Ká ní ẹni kẹrin kó 120,000 tirẹ̀ tán, tó sì dá owó dúró. Òun ti dá 40,000, ó ti kó 120,000, 80,000 ló sì gbé lọ. Àwọn mẹ́ta tó kó ṣáájú rẹ̀ kò pàdánù kọ́bọ̀. Àwọn mẹ́jọ tó kù ni owó wọn di 110,000 dípò 120,000 nígbà tó bá kan oníkálukú wọn. Bí ẹni karùn-ún bá rí i pé 110,000 ni òun gbà, tí inú sì bí i tóun náà fi dáwọ́ dúró, ti ẹni kẹfà yóò di 100,000. Báyìí ni èésú ṣe ń tú: ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan, ìbínú àwọn tó tẹ̀ lé e ló sì ń parí rẹ̀. Ẹni kejìlá, tó ní sùúrù jù, ni gbogbo rẹ̀ ń já lé lórí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́kọ́ kó kò fi yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ojúsàájú. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń ṣẹ́ gègé. Mi ò fara mọ́ ọn pátápátá, torí pé gègé lè gbé ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá sí ipò kìíní. Ohun tó tọ́ ni kí ẹni tí ẹgbẹ́ ti mọ̀ láti èésú kan sí òmíràn wà níwájú, kí ẹni tuntun sì wà lẹ́yìn ní ìgbà àkọ́kọ́. Olórí èésú ní tirẹ̀ sábà máa ń kó ṣáájú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní torí wàhálà rẹ̀ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Onídùúró tí mo ń sọ ni ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, tí kò tíì kó, tó sì gbà lójú gbogbo ènìyàn pé bí ẹni yìí bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó tòun. Ẹ̀gbọ́n tàbí àna tó wà ní Cotonou kì í ṣe onídùúró, nítorí ẹgbẹ́ kò ní ohunkóhun tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀rí pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́ kì í pẹ́ fara hàn fún ẹni tó bá ń wò ó. Ẹni tó ti kó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ wá dípò kó wá fúnra rẹ̀. Ó ń mú 7,000 wá, ó ní òun yóò fi ìyókù kún un lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Olórí ń fi owó ti ara rẹ̀ dí àlàfo náà láìsọ fún ẹgbẹ́, kí ìtìjú má bàa bá òun. Èyí tó kẹ́yìn yìí léwu jù, nítorí pé inú rere ni ó ti wá. Fún oṣù kan tàbí méjì, ẹgbẹ́ yóò rò pé ara òun yá. Nígbà tí agbára olórí bá tán, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti wà lẹ́yìn nínú owó dídá, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ohun tó ń fa ìdáwọ́dúró yìí ní agbègbè wa kì í sábà jẹ́ olè jíjà. Oṣù ló ń fà á. Ìyá tó ń yan gààrí ní Savalou ń rí owó ní gbogbo ọjọ́ ọjà, láti ọdún dé ọdún. Àgbẹ̀ kajú ń rí tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sínú èésú kan tó ń gba 10,000 lóṣooṣù, àgbẹ̀ yóò dá a dáadáa títí di oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹjọ yóò wá owó náà tì. Bó bá jẹ́ pé oṣù kẹta ló kó, ó ti ná an sóko, òun tó jẹ́ olóòótọ́ ni yóò di ajigbèsè ẹgbẹ́. Gbogbo ènìyàn sì tún fẹ́ kó ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án nítorí ọdún iṣu àti owó ilé-ìwé. Ipò méjì péré ló wà níbẹ̀ fún ẹni 12, ìjà sì ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn oníṣòwò ojoojúmọ́ dá tiwọn lọ́tọ̀, kí èésú àwọn àgbẹ̀ sì jẹ́ ti àsìkò owó nìkan: ọ̀sẹ̀ 12 láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, kó parí kí òjò tó mú wọn wọ oko pátápátá.

Ọ̀rọ̀ alájọ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Alájọ ń gba owó lójoojúmọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ìwé kékeré tó ń sàmì sí ní ojú ilé 31, ilé kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń dá 500 lójúmọ́ yóò san 15,500, yóò sì gba 15,000. Ó ń san owó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó rẹ̀, ó sì lè tọ́ sí i, torí pé owó tó wà nílé ní ọ̀pọ̀ àlejò. Bó bá bẹ̀bẹ̀ ní àárín oṣù, alájọ tó mọ̀ ọ́n lè san 15,000 fún un ṣáájú. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀yáwó tó wà níbẹ̀: ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ewu rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn kan ṣoṣo. Bí alájọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìparí oṣù pé kí wọ́n jẹ́ kí owó wọn wọ oṣù tó ń bọ̀, owó ẹlòmíràn ló ti ń fi san ti ẹlòmíràn. Ẹ gba tiyín lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé àmì wà lọ́wọ́ yín, kó má wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ń fi owó sínú àpótí, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń yá nínú rẹ̀ pẹ̀lú èlé, yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Maradi, lórílẹ̀-èdè Niger, ní ọdún 1991, láti ọwọ́ àjọ CARE pẹ̀lú àwọn obìnrin ibẹ̀, ó sì ti tàn dé Benin àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ ẹgbẹ́ ń ra ìpín kan sí márùn-ún ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Àpótí náà ní àgádágodo mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ wọn, ẹni kẹrin ló sì ń gbé àpótí sílé. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó lè yá tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ti fi sínú rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, wọn yóò pín gbogbo owó náà pẹ̀lú èlé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín oníkálukú.

Èlé wọn kò kéré. Ìdá márùn-ún lóṣù wọ́pọ̀, àwọn kan sì ń gba ìdá mẹ́wàá. Ẹni tó yá 60,000 fún oṣù mẹ́ta ní ìdá márùn-ún, tó sì dá odindi padà lẹ́ẹ̀kan, san èlé 9,000. Ìdá 60 lọ́dún nìyẹn, ó ju ìlọ́po méjì èyí tí ilé owó kékeré lè gbà lọ. Wọn yóò sọ fún yín pé èlé náà ń padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó san án bákan náà. Ẹni tó lè ra ìpín márùn-ún lọ́sẹ̀ ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ń ra ìpín kan, tó sì ń yáwó léraléra, ló ń san án. Mo ti rí i pé àwọn ìyá tó tálákà jù nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fi èlé bọ́ àwọn tó rí jájẹ. Kí ẹgbẹ́ fi èlé sí ìdá méjì lóṣù. Ìdá 24 lọ́dún náà ni.

Ohun tó dára jù nínú àpótí yìí ni pé ẹgbẹ́ lè yan oṣù tí yóò pín in. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, owó sóyà ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, owó kajú yóò sì tẹ̀ lé e. Àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́ yóò yá a láàárín oṣù kìíní sí ìkẹrin láti fi ra gààrí tàbí kajú, wọn yóò sì dá a padà kí oṣù kẹfà tó parí, nígbà tí ọjà wọn ti tà. Ní oṣù kẹjọ wọn yóò pín in. Oníkálukú yóò ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ ní àsìkò tí àgbẹ̀ kejì ń ta kajú tí kò tíì so. Ẹgbẹ́ tó bá ń pín tirẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí owó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kò tíì lo àpótí rẹ̀ dáadáa. Ewu ibẹ̀ ni pé bí oṣù kẹjọ ti ń súnmọ́, owó ń pọ̀ nínú ilé ẹnì kan, gbogbo àdúgbò sì mọ ilé náà. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ kó lọ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ ní ilé owó, pẹ̀lú àmì ọwọ́ ẹni mẹ́ta, kí ó jẹ́ èyí tí wọn yóò yá ní ọ̀sẹ̀ náà nìkan ni yóò wà nínú àpótí.

Alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló kù. Òfin OHADA tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010 fàyè gba ẹni márùn-ún láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré sílẹ̀, tí yóò lè ní dúkìá, tí yóò lè pe ẹjọ́, tí oníkálukú sì ní ìbò kan ṣoṣo, iye ìpín yòówù kó ní. Fún àwọn tó ń ta kajú pọ̀ tàbí tó ń lo ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá pọ̀, èyí ló yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé alájẹṣẹ́kù kò sọ ẹnikẹ́ni di ilé owó. Lábẹ́ òfin Benin lórí àwọn ilé owó kéékèèké, ẹni tó bá fẹ́ fi gbígba owó ìpamọ́ àti yíyáni lówó ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí ará Benin. Ní ọdún 2010 ni ICC Services wó lulẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣèlérí èlé gọbọi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tó ń fi owó ẹni tuntun san ti ẹni àtijọ́. Owó tó ju bílíọ̀nù 100 fáránkì lọ ló bá a rì. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé owó yín yóò bí owó láìjẹ́ pé ẹ mọ ẹni tó yá a, ẹ béèrè ìwé àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí.

Iṣẹ́ kan sì wà tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè gbé e. Kajú tí a bá gbìn lónìí yóò tó ọdún mẹ́ta kó tó so èso tó ṣe é tà. Èésú oṣù 12 kò lè dúró dè é, àpótí tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún kò lè dúró dè é, alájọ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fi owó èésú gbin igi yóò máa dá owó padà láti inú oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yáwó ọlọ́dún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ilé owó ló yẹ fún un, bó tilẹ̀ lélé, tàbí kó máa gbìn ín díẹ̀díẹ̀ láti inú èrè oko tó ti ń so.

Fún owó ọjà, owó alágbàro àti owó ilé-ìwé, ẹgbẹ́ ló sàn jù, ó sì sàn ju oníṣòwò tó ń ra kajú tí kò tíì so lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èésú ní oṣù tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kó owó àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ, ipò àti onídùúró ẹni kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, kí oníkálukú fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fún ẹni kejìlá ní ẹ̀dà rẹ̀ kan.